Síkúrúù Wo Ló Bá Pákó Yìí Mu?

Ẹ fọwọ́ pa ara kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná tí wọ́n fi síkúrúù so, níbi tí pákó ìsàlẹ̀ ti pàdé pákó ẹ̀gbẹ́. Bí ọwọ́ yín bá kan ṣóńṣó irin, tàbí tí ojú pákó wú díẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé nǹkan fẹ́ yọ láti inú, síkúrúù tí káfíńtà lò gùn jù. Bí ẹ ò bá kan nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí àlàfo ń là láàárín pákó méjèèjì nígbà tí ìkòkò àti àwo bá pọ̀ nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí síkúrúù náà kúrú jù. Àléébù méjèèjì wọ̀nyí wọ́pọ̀ láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ káfíńtà wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi jíìgì dá ihò àpò. Jíìgì náà dára, iṣẹ́ rẹ̀ sì yá, ṣùgbọ́n kò lè bá ẹnikẹ́ni yan síkúrúù. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ni yóò yàn án, tépù ni yóò sì fi yàn án, kì í ṣe ojú lásán.

Ihò àpò jẹ́ ihò tó dà gẹ̀rẹ́, tí a dá láti ojú pákó tí ẹnikẹ́ni kò ní rí, tí ẹnu rẹ̀ kejì sì yọ sí àárín etí pákó náà. Kò dúró ṣánṣán, kò sì sùn pátápátá. Dígíríì 15 péré ló fi gbé orí sókè kúrò lójú pákó. Bíìtì tí a fi ń dá a ní ìpele méjì: apá ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 9.5, kí orí síkúrúù lè wọlé, apá iwájú sì tín-ín-rín, ó tó mìlímítà 3.6, kí eyín síkúrúù lè rí ọ̀nà tẹ̀ lé. Ibi tí ihò ńlá ti parí tí ihò tín-ín-rín ti bẹ̀rẹ̀, èjìká pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀. Orí èjìká yìí ni orí síkúrúù máa ń jókòó lé. Bí a ṣe ń yí síkúrúù náà, eyín rẹ̀ á wọ inú pákó kejì, orí rẹ̀ á sì tẹ èjìká náà mọ́lẹ̀, títí pákó méjèèjì yóò fi fún mọ́ra. Kò sí nǹkan mìíràn tó di oríkèé náà mú ju èyí lọ, àyàfi gọ́ọ̀mù tí a bá fi kún un.

Iṣẹ́ jíìgì ni láti rí i dájú pé ihò náà dà bó ṣe yẹ kó dà. Bùlọ́ọ̀kù ike tàbí irin ni, a sì ti de túùbù irin líle kan tàbí méjì mọ́ inú rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ́, kí bíìtì lè gba inú rẹ̀ kọjá láì yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Àwọn káfíńtà ti ń fi síkúrúù gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ de ojú tábìlì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ṣísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń gbẹ́ ihò rẹ̀. Ẹni tó sọ jíìgì náà di ohun tí àwọn èèyàn ń lò nílé ni Craig Sommerfeld, ará ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣe irinṣẹ́ onírin. Ní àwọn ọdún 1980 ni ó ń wá bí yóò ṣe so férémù iwájú mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná tó ń ṣe sí ilé ara rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Kreg ti ibẹ̀ jáde. Lónìí, oríṣiríṣi jíìgì olówó pọ́ọ́kú ló wà lọ́jà wa, ìlànà kan náà ni gbogbo wọn sì ń tẹ̀ lé.

Kí ló wá dé tí gígùn síkúrúù fi le tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká mú pákó pílíwúùdù tó nípọn mìlímítà 18, èyí tí wọ́n sábà fi ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù. Bí a bá to jíìgì àti bíìtì sí mìlímítà 18, láti èjìká inú ihò dé etí pákó máa ń tó nǹkan bíi mìlímítà 16. Nítorí náà, bí síkúrúù bá gùn ní mìlímítà 32, 16 máa wà nínú pákó tí a dá ihò sí, 16 tó kù á sì wọ inú pákó kejì. Nítorí pé ó dà gẹ̀rẹ́, kò ní jìn tó 16 gan-an. Yóò jìn tó 15 ààbọ̀. Pákó kejì náà nípọn 18, nítorí náà ó ku mìlímítà méjì ààbọ̀ igi láàárín ṣóńṣó síkúrúù àti ojú ìta. Eyín rẹ̀ rí igi tó pọ̀ dì mú, ojú ìta kò sì mọ nǹkan kan.

Ẹ wá fi èyí tó gùn ní mìlímítà 38 síbẹ̀ kan náà. Mìlímítà 22 ni yóò kọjá etí pákó àkọ́kọ́, yóò sì jìn ju 21 lọ nínú pákó tó nípọn 18. Ṣóńṣó rẹ̀ yóò yọ síta ní mìlímítà mẹ́ta, lójú ẹni tó ni ilé ìdáná. Bí ó bá sì jẹ́ síkúrúù mìlímítà 25 ni, 9 péré ló máa kọjá, kò sì ní jìn tó 9 nínú pákó kejì. Lára ìyẹn gan-an, ṣóńṣó tó rí bí abẹ́rẹ́ kò di nǹkan kan mú. Ìdajì ìnípọn pákó kò rí ìrànlọ́wọ́ kankan gbà. Kọ́bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ lè dúró dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í là lẹ́yìn tí wọ́n bá to ẹrù sínú rẹ̀.

Ìdí rèé tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ní ìwọ̀n tí wọn kì í kọjá. Pákó tó nípọn mìlímítà 12, síkúrúù 25 ni, tí páálí rẹ̀ máa ń pè ní íńṣì 1. Pákó mìlímítà 18 tàbí 19, síkúrúù 32, íńṣì 1¼. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń ṣe 30, òun náà ṣeé lò. Pákó mìlímítà 25, síkúrúù 38, íńṣì 1½. Igi ńlá tó nípọn mìlímítà 38, síkúrúù 64, íńṣì 2½. Ẹni tó ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù kì í sábà kọjá méjì àkọ́kọ́. Lára páálí síkúrúù, ẹ máa rí nǹkan bíi 8 × 1¼ tàbí 4 × 30. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí síkúrúù ṣe sanra tó, èkejì ló ń sọ gígùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n rán lọ ra síkúrúù ló ń fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ béèrè, tí wọ́n á sì gbé èyíkéyìí tí ẹni tó ń tà bá nà sí wọn.

Bí pákó méjèèjì kò bá nípọn bákan náà ńkọ́? Ìlànà méjì ló wà, wọn kò sì gbọ́dọ̀ dàrú mọ́ra wọn. Pákó tí a máa dá ihò sí ló ń sọ bí a ó ṣe to jíìgì àti bíìtì. Pákó tó fẹ́lẹ́ jù nínú méjèèjì ló ń yan síkúrúù. Ká ní pákó mìlímítà 18 la fẹ́ so mọ́ ẹ̀gbẹ́ tó nípọn mìlímítà 12, ihò sì wà lára èyí tó nípọn 18. Jíìgì dúró sí 18, ṣùgbọ́n síkúrúù 25 la ó lò. Èjìká dé etí gba 16, ó ku 9, inú pákó 12 sì gbà á láì yọ síta. Síkúrúù 32 ì bá ti gún ẹ̀gbẹ́ náà já.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé níbi férémù iwájú, níbi tí síkúrúù ti ń wọ etí igi tó fẹ̀ tó mìlímítà 50, kò sí ewu pé yóò gún un já, kí a kúkú lo èyí tó gùn kó lè le sí i. Èrò yẹn kò dára. Ẹ má gbàgbé pé síkúrúù yìí dà gẹ̀rẹ́. Bó ṣe ń lọ síwájú ló ń sún mọ́ ojú iwájú férémù náà. Nínú igi mìlímítà 18, síkúrúù tó gùn ní 50 á ti rìn títí dé ojú iwájú, ibi tí wọ́n fẹ́ fi fánníìṣì kùn gan-an, kó tó parí.

Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí ìnípọn pákó, ibẹ̀ sì ni ọjà wa ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fi ń ta pákó kì í ṣe ìnípọn rẹ̀. Pákó tí wọ́n ń pè ní tíríkọ́tà yẹ kó tó mìlímítà 19. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18 tàbí 17, mo sì ti fi tépù wọn èyí tó jẹ́ 15. Pákó igi tí a rà ní Bódìjà lẹ́yìn tí ayùn là á tún máa ń fẹ́lẹ́ sí i nígbà tí wọ́n bá fá a kí ojú rẹ̀ lè dán. Ẹ rántí pé síkúrúù 32 máa ń jìn tó 15 ààbọ̀ nínú pákó kejì. Bí pákó kejì bá jẹ́ 15 gan-an, síkúrúù tí ìwé sọ pé ó tọ́ sí tíríkọ́tà máa gún un já. Kí á tó ra síkúrúù, ẹ gé ẹ̀rẹ́ kékeré kúrò lára pákó náà, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ sì wọn pákó kọ̀ọ̀kan tó bá ti ọ̀dọ̀ oníṣòwò mìíràn wá. Bí ó bá jẹ́ 15 tàbí 16, ẹ to jíìgì sí i bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì lo síkúrúù 25.

Nǹkan kejì tó lè ba ìṣirò jẹ́ ni òrùka irin tó wà lára bíìtì. Òrùka yìí ló ń dá bíìtì dúró nígbà tó bá kan ẹnu túùbù jíìgì, nítorí náà òun ló ń sọ ibi tí èjìká máa wà. Bí a ṣe ń tò ó kò le: ẹ ti bíìtì bọ inú túùbù lọ́wọ́, láì tan díríìlì, títí ṣóńṣó rẹ̀ yóò fi ku mìlímítà mẹ́ta kó kan ìsàlẹ̀ jíìgì, ẹ wá sún òrùka náà dé ẹnu túùbù, kí ẹ sì fún un. Bí òrùka bá yọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tí díríìlì ń gbọ̀n, bíìtì á wọlé jìn jù, èjìká á sún mọ́ etí pákó, síkúrúù tó gùn dáadáa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún pákó kejì já. Káfíńtà á máa bú ẹni tó ta síkúrúù fún un, nígbà tó jẹ́ pé òrùka ló yẹ̀. Ohun tó ń fi í hàn ni pé ihò àkọ́kọ́ dára, kẹta dára, ẹ̀kẹwàá ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ṣóńṣó. Ẹni tí síkúrúù rẹ̀ gùn jù látìbẹ̀rẹ̀ yóò ti rí i láti ara ihò àkọ́kọ́.

Ìdánwò kan wà tí kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, mi ò sì mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ mú ẹ̀rẹ́ pákó tí ẹ fẹ́ lò, ẹ dá ihò àpò kan sí i, kí ẹ sì yí síkúrúù sínú rẹ̀ láì so ó mọ́ nǹkan kan, títí orí rẹ̀ yóò fi jókòó sórí èjìká. Ṣóńṣó rẹ̀ á yọ jáde ní etí. Ẹ wọn bó ṣe yọ tó, láti etí pákó lọ síwájú tààrà. Ìwọ̀n yìí gbọ́dọ̀ dín ní ìnípọn pákó kejì pẹ̀lú mìlímítà méjì, ó kéré tán. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ wo òrùka kí ẹ tó wo síkúrúù.

Síkúrúù fúnra rẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí wọ́n ṣe fún ihò àpò ní orí tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tó sì fẹ̀, nítorí orí èjìká ló fẹ́ jókòó. Síkúrúù dúdú tó kún ọjà wa, èyí tí wọ́n fi ń de sílíìnì, ní orí tí abẹ́ rẹ̀ rí bí àrọ. Bí wọ́n bá fi í sínú ihò àpò, àrọ yẹn á máa rì sínú èjìká, á sì la igi sọ́nà méjì. Ó tún rọrùn láti kán. Ẹni tí kò bá rí èyí tó tọ́ lè lo síkúrúù olórí pẹrẹsẹ mìíràn tí orí rẹ̀ kò fẹ̀ ju ihò ńlá náà lọ. Ní ti eyín, pílíwúùdù, ẹ́ḿ-dí-ẹ̀fù àti igi tó rọ̀ bí arère fẹ́ eyín ńlá tó jìnnà síra, kí ó lè gbá igi púpọ̀ mú. Ìrókò, apá àti àwọn igi líle fẹ́ eyín wẹ́wẹ́ tó sún mọ́ra. Eyín ńlá á là wọ́n, pàápàá nítòsí orí igi.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe kọ́bọ́ọ̀dù kan: kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ fún ilé ìdáná, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí inú rẹ̀ lọ sẹ́yìn ní 56, láti ara pílíwúùdù tí tépù jẹ́rìí pé ó jẹ́ mìlímítà 18. Pákó ẹ̀gbẹ́ méjì ni yóò dúró, pákó ìsàlẹ̀ á sì wà láàárín wọn. Nítorí náà a ó yọ 18 lẹ́ẹ̀mejì kúrò nínú 600, pákó ìsàlẹ̀ á sì gùn ní mìlímítà 564. Abẹ́ pákó ìsàlẹ̀ yìí la ó dá ihò sí, ní orí rẹ̀ méjèèjì, kí síkúrúù lè gba ibẹ̀ wọ ojú pákó ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ṣe é ní òdìkejì. Bí ẹ bá dá ihò sí pákó ẹ̀gbẹ́ kí síkúrúù lè wọ orí pákó ìsàlẹ̀, àárín àwọn ìpele pílíwúùdù ni eyín rẹ̀ máa wọ̀, á sì máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú pákó igi: síkúrúù tó bá wọ orí igi, níbi tí iṣan rẹ̀ ti pin, kì í dì mú bíi ti èyí tó gé iṣan kọjá. Ẹ́ḿ-dí-ẹ̀fù tilẹ̀ burú jù. Etí rẹ̀ máa ń là bí búrẹ́dì.

Ihò mẹ́rin ló tó fún orí kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn á jìnnà sí igun ní sẹ̀ǹtímítà 5, ó ku 46 láàárín wọn, tí a ó pín sí mẹ́ta, nǹkan bíi 15 àti díẹ̀. Ìjìnnà 15 sí 20 dára. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àárín oríkèé lè là. Lókè, níbi tí òkúta tàbí pákó orí kọ́bọ́ọ̀dù yóò ti bò ó, a ó fi ọ̀pá pílíwúùdù méjì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ihò méjì sì máa wà ní orí kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ síkúrúù 16, mìlímítà 32, eyín ńlá. Pákó ẹ̀yìn tó fẹ́lẹ́ kò nílò ihò àpò rárá. Ìṣó wẹ́wẹ́ àti gọ́ọ̀mù ti tó o.

Lẹ́yìn tí ihò bá parí, ẹ fi sándípépà ra ẹnu tó yọ sí etí, nítorí èérún igi kékeré kan níbẹ̀ kì í jẹ́ kí oríkèé pa dé. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí i, ẹ gbé pákó méjèèjì kalẹ̀, kí ẹ sì fi kíláàm̀pù dì wọ́n kí díríìlì tó wọlé. Àwọn tó yára máa ń fọwọ́ lásán di pákó mú níbí, ibẹ̀ sì ni oríkèé wọn ti ń yẹ̀. Nítorí pé síkúrúù dà gẹ̀rẹ́, kì í fa pákó síwájú nìkan. Ó tún ń tì í lọ sí ìhà ojú tí kò ní ihò. Láì sí kíláàm̀pù, pákó ìsàlẹ̀ á yọ̀ kúrò lójú ìlà ní mìlímítà kan tàbí méjì, ẹ ò sì ní rí i títí ẹ ó fi fẹ́ so ìlẹ̀kùn. Ẹ fi díríìlì sí eré jẹ́ẹ́, kí ẹ dín agbára ìyípo rẹ̀ kù sí nọ́ńbà tó kéré. Nígbà tí orí síkúrúù bá ti kan èjìká, ìyípo díẹ̀ péré ló kù. Bí síkúrúù bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí láì fún mọ́, eyín rẹ̀ ti gbẹ́ igi kúrò níbẹ̀. Ẹ dá ihò mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá fi rọ́pò rẹ̀ á gún ojú ìta já.

Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi ihò àpò nìkan ṣe àga ìjókòó. Kọ́bọ́ọ̀dù dúró sójú kan, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dì í mú kó má mì. Àga ń gba ìwúwo èèyàn tó ń fì síwá sẹ́yìn, oríkèé yìí kò sì fẹ́ràn fífì bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ síǹkì, níbi tí omi máa ń kán sí, síkúrúù dúdú á dípẹtà láìpẹ́. Ẹ lo èyí tí wọ́n fi síǹkì funfun bò tàbí tẹnlẹ́ẹ̀sì.

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù ṣì kù. Ẹni tó ń gbé ilé ìyáyà, tó mọ̀ pé òun máa kó kọ́bọ́ọ̀dù lọ nígbà tó bá ń kó jáde, lè ní kí káfíńtà má fi gọ́ọ̀mù sí i. Síkúrúù nìkan lè gbé kọ́bọ́ọ̀dù pílíwúùdù ró, wọ́n sì ṣeé tú. Nígbà tí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ má fi díríìlì bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi sikurudíráfà ọwọ́ yí síkúrúù náà sẹ́yìn jẹ́ẹ́ nínú ihò rẹ̀, títí ẹ ó fi gbọ́ tó jábọ́ sínú ìlà tí eyín rẹ̀ ti gbẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó wá máa yí i síwájú. Bí ẹ bá kàn fipá wọ̀ ọ́, á gbẹ́ ìlà tuntun gba orí ti àtijọ́ kọjá, ihò náà kò sì ní di síkúrúù kankan mú mọ́.